Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kóòṣì Gbọ́dọ̀ Fi Ránṣẹ́ Kí Àrá Tó Sán

Láti oṣù Kẹta títí wọ oṣù Kẹwàá, kóòṣì tó bá ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn kì í wo pápá nìkan, ó máa ń wo òkè pẹ̀lú. Aago 4:00 ìrọ̀lẹ́ làwọn ọmọ máa pé. Ní aago 2:30, oòrùn ṣì ń mú gan-an. Nígbà tó bá fi máa di aago 3:00, apá ìlà-oòrùn ti ń ṣú. Láàárín ìgbà yẹn sí ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ máa wọ géètì, kóòṣì gbọ́dọ̀ pinnu bóyá tíréníìnì máa wáyé, ibi tó ti máa wáyé àti aago tó máa bẹ̀rẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn òbí mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, òmíràn ń wakọ̀ lọ́wọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa kọ kì í ju ìlà mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ kóòṣì ló ń kọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń tọrọ àforíjì. Lójú tèmi, àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni iṣẹ́ ààbò tó ṣe pàtàkì jù tí kóòṣì ń ṣe lọ́jọ́ òjò, iṣẹ́ náà sì ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó ṣú rárá.

Òjò ilẹ̀ wa kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òjò oṣù Kẹfà àti Keje sábà máa ń rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún wákàtí púpọ̀, àrá rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Pápá ló máa ń bà jẹ́. Òjò oṣù Kẹrin àti Karùn-ún, àti èyí tó ń kẹ́yìn ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ló ń kó ìjì, àrá àti mànàmáná wá. Ìyẹn ló ń pa èèyàn. Kóòṣì tó bá ń fi ojú kan náà wo òjò méjèèjì yóò máa fagi lé tíréníìnì nígbà tí kò yẹ, yóò sì máa dá àwọn ọmọ dúró sórí pápá nígbà tó yẹ kí wọ́n ti wọlé.

Òjò oníjì yìí ní ọ̀nà tó máa ń gbà wá, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò rí àyè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láti ìlà-oòrùn ló ti máa ń bọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, torí pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè orí wa ló ń tì í lọ. Nílẹ̀ níbí, atẹ́gùn láti òkun, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ló ń fẹ́ sí wa lára. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Èèyàn á dúró lórí pápá, atẹ́gùn á máa fẹ́ lọ sápá ibi tí òjò ti ṣú, á wá máa rò pé atẹ́gùn náà ń lé òjò ọ̀hún lọ. Kò lé e lọ rárá. Òjò ń bọ̀ lòdì sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ nílẹ̀, á sì kù díẹ̀ kó dé ni atẹ́gùn máa ṣàdédé yí padà, tí yóò di tútù, tí eruku máa gbéra látapá ìlà-oòrùn. Bí kóòṣì bá dúró di ìgbà tí atẹ́gùn yí padà kó tó mú fóònù, ó ti pẹ́ jù.

Irú ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rìn tó nǹkan bí 50 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà mìíràn ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí Ìbàdàn ju nǹkan bí 80 kìlómítà, Ìkirè sì wà láàárín ọ̀nà. Kóòṣì tó bá ní ẹnì kan tó lè pè ní Ifẹ̀ àti ẹnì kan ní Ìkirè ti ní ohun tó dára ju kéèyàn máa wo òkè lọ. Bí ẹni tó wà ní Ifẹ̀ bá sọ ní aago 2:00 pé òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀, tí àrá sì ń sán, ó ṣeé ṣe kó dé Ìbàdàn láàárín aago 3:15 sí 4:00. Ẹni tó wà l'Ékòó lè bi àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́. Àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ìyẹn NiMet, náà máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lójoojúmọ́, ó sì yẹ kí kóòṣì kà á láàárọ̀, kó lè mọ irú ọjọ́ tó máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tó mọ. Òjò tó ṣú ní Ifẹ̀ lè tú ká kó tó dé Ìkirè. Òjò mìíràn sì wà tí kì í ti ibì kankan bọ̀: ooru ọ̀sán ló ń gbé e dìde lókè orí ìlú gan-an, nǹkan bí wákàtí kan péré ló sì lè gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán àrá. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ aago 2:30 fi gbọ́dọ̀ ní àbọ̀ tó máa tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ àrá tán ná, torí pé òun ló ń pinnu bí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣe máa rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Chilca, ní ilẹ̀ Peru. Ojú ọjọ́ bàjẹ́, rẹfirí fọn fèrè, ó dá eré dúró. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn jáde kúrò lórí pápá ni mànàmáná balẹ̀. Ó pa ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Fídíò rẹ̀ tàn ká ayé, ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa ni yóò sì ti rí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀ ni pé wọ́n ti dá eré náà dúró. Ìpinnu tó tọ́ ni rẹfirí ṣe. Àkókò tí wọ́n fi ń rìn láti àárín pápá dé ibi ààbò ni kò sí mọ́.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Chelsea àti Benfica ń gbá bọ́ọ̀lù ní Charlotte, ní Amẹ́ríkà, nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé ni wọ́n dá eré dúró nítorí pé mànàmáná ń kọ nítòsí. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni wọ́n fi jókòó sínú ilé kí wọ́n tó padà síta. Inú kóòṣì Chelsea, Enzo Maresca, kò dùn sí i rárá, ó sì sọ ọ́ síta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù níbí náà rojọ́ gan-an. Mo rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà jàre. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé kò le: bí mànàmáná bá ti kọ láàárín nǹkan bíi kìlómítà 13 sí pápá, gbogbo èèyàn á wọlé, wọn kò sì ní padà síta àfi bí 30 ìṣẹ́jú bá kọjá láìsí òmíràn. Bí òmíràn bá kọ ní ìṣẹ́jú kọkàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì ọmọdé kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn mànàmáná, ṣùgbọ́n ó ní etí. Ìgbà kan náà ni mànàmáná àti ìró àrá ń ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé, ìró á wá tẹ̀ lé e, ó sì ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí mànàmáná, tí o ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí o tó gbọ́ àrá, kìlómítà márùn-ún péré ló jìnnà sí ọ. Ní tòótọ́, kò yẹ kéèyàn máa ṣírò kó tó gbé ẹsẹ̀. Etí èèyàn kì í sábà gbọ́ àrá tó bá ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ, mànàmáná sì lè balẹ̀ níbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ibi tí òjò ti ń rọ̀, níbi tí oòrùn ṣì ti ń ràn. Bí o bá ti gbọ́ ọ, àyè rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ẹ wá fi òfin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn sórí tíréníìnì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 4:00, tó sì ń parí ní aago 5:30. Bí àrá bá sán ní 4:10, a kò lè wọ pápá ṣáájú 4:40. Bí òmíràn bá sán ní 4:35, ó di 5:05. Nígbà náà, ìṣẹ́jú 25 ló kù, àwọn ọmọ ti jókòó fún wákàtí kan, ilẹ̀ sì máa ṣú láìpẹ́. Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún àwọn kóòṣì pé kí wọ́n ní aago kan tí wọ́n á fagi lé e pátápátá, kí gbogbo òbí sì mọ aago náà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà: bí àrá bá sán lẹ́yìn aago 4:30, kò sí tíréníìnì lórí pápá mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí àríyànjiyàn, kò sí pé ẹ jẹ́ ká wò ó ná.

Ó yá, ká wá wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Irú èyí ló wọ́pọ̀ lórí Wásáàpù:

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òbí wa pàtàkì. A dúpẹ́ fún àtìlẹ́yìn yín ìgbà gbogbo. A fẹ́ fi tó yín létí pé nítorí bí ojú ọjọ́ ṣe rí, a ti sún tíréníìnì òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́run á máa bá wa wo àwọn ọmọ wa."

Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n òbí tó kà á kò mọ ohun tó kàn. Wọ́n sún un sí aago wo? Ṣé ọ̀la ni? Ọmọ tó ti wà lọ́nà ńkọ́? Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni tàbí àwọn tó dàgbà? Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbéèrè kan náà á ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹjọ, kóòṣì á máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà lára òkè àti lára àwọn ọmọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò ronú sí. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé tí fóònù wà ní títì, ìlà kan tàbí méjì péré ló ń hàn lójú rẹ̀. Ìyá tó ń ka owó fún oníbàárà á kàn yọjú wò ó, á rí "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òbí wa pàtàkì", á rò pé owó jẹ́sì ni wọ́n fẹ́ béèrè, á sì gbé fóònù sílẹ̀. Èmi kò ní sọ pé kí kóòṣì má kí àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ láìkí àgbà yóò rí àbájáde rẹ̀. Kí ó kí wọn ní ọ̀rọ̀ méjì, kó sì jẹ́ pé ìpinnu ló tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdúpẹ́ àti àdúrà lè wà nísàlẹ̀.

Ká ní ẹgbẹ́ kan wà tó ń lo pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ilé ìwé náà sì ní gbọ̀ngàn. Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Karùn-ún. Ẹni tó wà ní Ìkirè pè ní aago 2:40 pé òjò ti dé, àrá sì ń sán. Ohun tí kóòṣì máa kọ ní aago 2:45 nìyí:

"Ẹ káàsán o. TÍRÉNÍÌNÌ ÒNÍ KÒ SÍ NÍ PÁPÁ, GBỌ̀NGÀN NI. Ọjọ́bọ̀ 14 oṣù Karùn-ún, aago 4:00 sí 5:00 ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 nìkan. Àwọn kékeré kò ní wá lónìí. Òjò àti àrá ń bọ̀ láti apá Ìkirè. Kánfáàsì ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe bàtà bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó bá ti kúrò nílé kó máa bọ̀, Kóòṣì Kékeré wà ní géètì pápá, yóò mú wọn wọlé. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀ ní 5:00, ọmọ kankan kò ní jáde àfi bí ẹni tó máa mú un bá dé. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú 'ń bọ̀' tàbí 'kò wá'. Màá tún kọ̀wé ní 3:30. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣọ́ wa."

Ìlà tó ṣe kókó jù níbẹ̀, lójú mi, ni ti aago 3:30. Òbí tó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀ ní 3:30 kò ní pe kóòṣì ní 3:05. Kóòṣì náà gbọ́dọ̀ mú ìlérí yẹn ṣẹ kódà bí nǹkan kan kò bá yí padà: "Kò sí àyípadà. Gbọ̀ngàn ni, 4:00." Bí òjò náà bá tú ká sọ́nà, kó má ṣe dá wọn padà sí pápá. Ẹni tó ti ka ti àkọ́kọ́ tí kò rí ti èkejì á gbé ọmọ lọ síbi tó yàtọ̀, kánfáàsì sì ni ọmọ náà wọ̀. Àyípadà kan ti tó fún ọjọ́ kan.

Èyí mú mi rántí àtúnṣe. Wásáàpù ń jẹ́ kéèyàn tún ohun tó kọ ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15, ọ̀pọ̀ kóòṣì ló sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á kọ 4:00, wọ́n á rí i pé 4:30 ló yẹ kó jẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn kì í mú kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ti kà á tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Bó bá jẹ́ aago, ọjọ́ tàbí ibi ni àṣìṣe náà kàn, kó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun, kó sì pa ti àtijọ́ rẹ́ fún gbogbo èèyàn.

"Àmín" àti "Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì" náà ń fa wàhálà tiwọn. Bí òbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ṣe àmín tán, ẹni tó bá ṣí gúrúùpù ní aago 3:40 á ní láti yí i sókè gan-an kó tó rí ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Kí kóòṣì lẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà mọ́ òkè gúrúùpù, Wásáàpù ń gbà kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Kí ìdáhùn "ń bọ̀" àti "kò wá" sì máa lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó bá di 3:15, kó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kó yan Info, yóò rí orúkọ àwọn tó ti kà á àti àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tí orúkọ wọn kò bá sí níbẹ̀ ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, bóyá torí pé dátà wọn ti tán tàbí pé fóònù wọn ti kú. Àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kó pè. Bó bá jẹ́ òbí mẹ́fà, ìpè mẹ́fà ni, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn òbí tí kì í lè ka ìwé dáadáa náà wà, ó sì yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ohùn fún wọn, láìfi ohunkóhun kún un.

Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò lè dé rárá ló máa ń kó ìrònú bá mi jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 11 ni kò ní fóònù. Aago 2:00 ni ilé ìwé wọn jáde, wọn kò sì padà sílé, wọ́n kàn ń ti ibẹ̀ rìn lọ sí pápá, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí aago 4:00 á fi lù. Ní aago 2:45 tí ìyá rẹ̀ ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ ní ọjà, ọmọ náà ti wà lábẹ́ igi, ibi tó sì burú jù tó lè wà nígbà tí àrá bá dé nìyẹn. Nítorí náà, kò sí bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe lè dára tó, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ títí di ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn aago tí tíréníìnì máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kóòṣì nìkan ló wà tí kò ní igbá-kejì, kó bẹ gáàdì ilé ìwé, kó sì fi orúkọ gáàdì náà sínú àtẹ̀jíṣẹ́.

Ilé gidi, tó ní ògiri, tí iná àti páìpù omi wà nínú rẹ̀, tàbí mọ́tò onírin tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀, ni ààbò. Kánọ́pì kì í ṣe ààbò, ahéré tí kò ní ògiri kì í ṣe ààbò. Abẹ́ igi burú ju àárín pápá lọ. Nínú gbọ̀ngàn pàápàá, kí àwọn ọmọ má ṣe sún mọ́ fèrèsé, kí wọ́n má sì lọ fọwọ́ ní ẹnu ẹ̀rọ omi nígbà tí àrá bá ń sán.

Bí àrá bá sì wá pàpà ṣe ẹnì kan léṣe, ohun kan wà tí gbogbo kóòṣì ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn olórìṣà Ṣàngó ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí àrá pa, ẹbí kì í fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi ṣe ètùtù. Ìbẹ̀rù yẹn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ẹni tí mànàmáná bá gbé ṣubú lè má tíì kú. Ọkàn rẹ̀ ló lè dáwọ́ lílù dúró. Kò sí iná kankan tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ tó lè gbé ẹlòmíràn. Ẹ gbé e wọlé bó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Òjò nìkan kọ́ ló ń lé ẹgbẹ́ kúrò lórí pápá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọdé ni kò ní pápá tara wọn. Ilé ìwé ló ń yá wọn, ilé ìwé náà ló sì ń yá àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìsọjí àti ìpàdé òṣèlú. Ẹni tó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé pápá kò ní ṣófo lọ́jọ́ Sátidé ni gáàdì tó ń mú kọ́kọ́rọ́ géètì dání, torí pé láti ọjọ́ Ẹtì làwọn oníkánọ́pì ti ń wá gbé irin wọn kalẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé lè gbàgbé láti pe kóòṣì. Kóòṣì tó bá ń kí gáàdì dáadáa, tó sì ń pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, yóò rí àyè ọjọ́ méjì láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, nígbà tí ẹni tí kò pe ẹnikẹ́ni yóò máa ka "ẹ má bínú" níwájú kánọ́pì ní aago méje àárọ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé àríyá lewu ju ọjọ́ àríyá lọ. Mo ti rìn lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé: ihò tí èèkàn irin kánọ́pì dá sílẹ̀, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ ọmọdé, tí koríko sì bò lórí, ìdérí ìgò, àfọ́kù ìgò nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, àti igi súyà ṣóńṣó tó dúró gangan nínú koríko. Ọmọ tó bá ń sáré wò bọ́ọ̀lù kò ní rí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Kí àwọn àgbàlagbà tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, kí wọ́n rìn láti ibi gólì kan dé èkejì, kí wọ́n sì ṣà wọ́n. Bí àyè ìyẹn kò bá sí lọ́jọ́ Ajé, kí àtẹ̀jíṣẹ́ gbé tíréníìnì lọ síbòmíràn, kódà bí pápá bá ṣófo.

Ti pápá tí omi dá sí kò nira láti mọ̀. Kí kóòṣì tẹ gìgísẹ̀ mọ́ ilẹ̀ níwájú gólì méjèèjì àti ní àárín, níbi tí ẹsẹ̀ ti máa ń pọ̀ jù. Bí omi bá rú jáde yí bàtà ká, tàbí tí bọ́ọ̀lù tó yí lórí ilẹ̀ bá dúró gbọnrangandan sínú omi, kí ó má lò ó. Wákàtí kan lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á fa gbòǹgbò koríko tu, á sì ki erùpẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé ní oṣù Kejìlá, ibẹ̀ á ti di págunpàgun líle tó ń yí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá rí i kò sì ní yá wọn ní pápá mọ́.

Tíréníìnì inú gbọ̀ngàn náà ní òfin tirẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì kì í gba ẹsẹ̀, ojúgun ọmọ tó bá ń sáré tó sì ń fò lórí rẹ̀ á máa ro ó lọ́jọ́ kejì. Wákàtí kan ti tó. Kí wọ́n jó atẹ́gùn bọ́ọ̀lù náà díẹ̀ kó má baà máa ta sókè jù, kí àwọn ọmọ pín ara wọn sí agbo mẹ́fà-mẹ́fà, ẹni méjì á wà láàárín, àwọn yòókù á máa fi ìfọwọ́kàn kan gbá a fún ara wọn. Kí kóòṣì kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé: bí òjò bá ti fẹ́ wọlé láàárín gíláàsì fèrèsé, ibẹ̀ á ti máa yọ̀. Kó fi àga dínà rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí kóòṣì bá ní kí ẹ kọ orúkọ ọmọ yín ránṣẹ́, ẹ má fi àmín dípò rẹ̀, torí orúkọ yẹn ló fi ń ka iye ọmọ tó yẹ kó wà nínú ilé. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn, ẹ gba nọ́ńbà ẹnì kan ní ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn yín, kí ẹ sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà sílẹ̀ sínú fóònù báyìí, kó jẹ́ pé ọjọ́ àti aago nìkan lẹ máa yí padà nígbà tí òjò bá ṣú.